Ègbè Inú Túùbù: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ìyára Ìró Nínú Láàbù

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ṣe ìdánwò fíísíìsì rí nílẹ̀ yìí yóò rántí gbólóhùn kan tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìbéèrè: kí ó mú ìyára ìró nínú afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bíi 330 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ḿbà náà kò burú, àmọ́ kì í ṣe ti ilé wa. Inú afẹ́fẹ́ tó tutù dé ibi tí omi ti ń di yìnyín ni ìró ti ń sáré ní nǹkan bíi 331. Nínú yàrá kan n'Ìbàdàn lọ́sàn-án, níbi tí tẹmọ́mítà ti ń ka 29°C, ó ti yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti ń lọ sí 350. Ìyàtọ̀ ogún mítà kì í ṣe ohun kékeré. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Túùbù gíláàsì kan, omi, fọ́ọ̀kì ìró mélòó kan, rúlà àti tẹmọ́mítà ti tó o.

Rírí nọ́ḿbà kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹni tó wọ̀n ọ́n lè sọ ibi tí a lè gbára lé e dé.

Ohun èlò náà kò díjú. Túùbù gíláàsì tó gùn tó mítà kan ni wọ́n so mọ́ sítáàǹdì ní òòró. Rọ́bà kan ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sínú agolo omi tí ọwọ́ lè gbé sókè sódò. Bí agolo bá lọ sókè, omi inú túùbù á gòkè. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, omi á fà. Omi yìí ni ìdí túùbù, nítorí náà ẹni tó di agolo mú lè sọ ihò afẹ́fẹ́ inú túùbù di gígùn tàbí kúkúrú bó ṣe wù ú. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní irú rẹ̀ máa ń lo páìpù omi oníke tí wọ́n rì bọ inú ike omi gígùn, tí wọ́n á máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni.

Fọ́ọ̀kì ìró ni irin eléyín méjì tí wọ́n ti rọ tó fi jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ló máa ń fọ̀. Nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 512 tàbí 384, ni iye ìgbà tí eyín rẹ̀ ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àmì rẹ̀ ni Hz. Fọ́ọ̀kì tí wọ́n lù tí wọ́n sì dì mú lọ́wọ́ kì í pariwo. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ló ń gbọ́ ọ. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé e sí ẹnu túùbù, tí omi sì ń fà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà kan á dé tí túùbù á ṣàdédé gbè é. Bí agberin ṣe ń gba orin lẹ́nu adarí tí gbogbo ilé á fi mì, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú túùbù ṣe ń gba ohùn fọ́ọ̀kì. Rẹsonáǹsì ni àwọn olùkọ́ fíísíìsì ń pè é.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibì kan pàtó ni ègbè yìí ti ń wáyé? Bí eyín fọ́ọ̀kì bá sọ̀ kalẹ̀, á ti afẹ́fẹ́ ẹnu túùbù papọ̀. Ìfúnpọ̀ yẹn á sáré lọ kan omi, á sì ta padà sókè. Nígbà tó bá padà dé ẹnu túùbù, tó tú jáde síta gbangba, á fi àyè tó ṣófo díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, àyè ṣíṣófo yẹn á sì tún mú ìrìn tirẹ̀ pọ̀n sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni eyín fọ́ọ̀kì ń gòkè, tí òun náà ń fa afẹ́fẹ́ sókè, àwọn méjèèjì á pa ọwọ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni agbára á máa gun orí agbára títí túùbù á fi ké.

Láti ìgbà tí eyín bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ títí di ìgbà tó bá ń gòkè, ìdajì ìgbọ̀n kan ló kọjá. Nítorí náà, àlọ àti àbọ̀ ìró nínú túùbù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì kan, èyí tó túmọ̀ sí pé gígùn túùbù fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin ìgbì. Bí omi bá tún ń fà lọ, ègbè kejì á wáyé níbi tí àlọ àti àbọ̀ ti gba ìgbì kan àti ààbọ̀, ìyẹn ni pé gígùn túùbù jẹ́ ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbì.

Ìjàǹbá kékeré kan wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ẹnu túùbù díẹ̀ náà ń bá ti inú mì, torí náà ihò afẹ́fẹ́ tó ń gbè gùn ju èyí tí rúlà ń kà lọ. Bí a bá pe gígùn àkọ́kọ́ ní L1, èkejì ní L2, àfikún ẹnu túùbù ní e, gígùn ìgbì ní λ, iye ìgbọ̀n ní f, ìyára ìró ní v, ohun tó wà nílẹ̀ rèé:

```
L1 + e = λ/4
L2 + e = 3λ/4
L2 − L1 = λ/2
v = 2f(L2 − L1)
```

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Bí a ṣe yọ L1 kúrò nínú L2, e ti pòórá. Kò sẹ́ni tó nílò láti mọ iye rẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n gbogbo iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé bí e ṣe bá ìyọkúrò lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣìṣe ọwọ́ àti ojú ṣe bá a lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹnu túùbù wọn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3.4 láti inú, ìgbóná yàrá sì jẹ́ 29°C. Ọ̀kan di agolo omi mú, èkejì lu fọ́ọ̀kì 512 mọ́ ìdí bàtà rẹ̀, ó sì gbé e sí òkè ẹnu túùbù, eyín kan lókè, eyín kejì nísàlẹ̀, láìjẹ́ kó kan gíláàsì. Omi ń fà. "Mà, ó ti ké!" Olùkọ́ wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ kọjá a, kẹ́ ẹ tún padà sókè. Ẹ má gba ohùn àkọ́kọ́ gbọ́."

Ìmọ̀ràn gidi ni. Ègbè kì í bẹ̀rẹ̀, kó sì parí lójú kan bí iná tí wọ́n tàn tí wọ́n pa. Ó máa ń gòkè bọ̀, á dé góńgó, á sì wálẹ̀. Góńgó yẹn fẹ̀ tó mìlímítà mélòó kan tí etí ènìyàn kò fi lè sọ èwo gan-an ló ga jù. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè máa ń tètè dúró. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ náà máa ń tètè dúró ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láti ọ̀nà méjèèjì, àṣìṣe òkè á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba.

Àwọn méjèèjì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Fún L1, wọ́n rí 15.9, 16.2 àti 15.9 sẹ̀ǹtímítà, iye àárín rẹ̀ jẹ́ 16.0. Fún L2, wọ́n rí 50.3, 49.8 àti 50.2, iye àárín rẹ̀ jẹ́ 50.1. Ègbè kejì máa ń rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìró ti pàdánù agbára díẹ̀ sára ògiri túùbù lójú ọ̀nà tó gùn jù. Ìdí nìyẹn tí òǹkà rẹ̀ fi fọ́n káàkiri díẹ̀ sí i.

Rúlà ń ka mìlímítà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ronú sì lè sọ pé àyè àṣìṣe òun jẹ́ ìdajì mìlímítà. Òǹkà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́rìí takò ó. Láàárín òǹkà L1 tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, mìlímítà mẹ́ta ló wà. Láàárín ti L2, márùn-ún. Kì í ṣe rúlà ló ń ṣàṣìṣe, etí ni. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n mú: fún L1, sẹ̀ǹtímítà 0.15 tí wọ́n sún di 0.2, fún L2, 0.25 tí wọ́n sún di 0.3.

Ìyàtọ̀ gígùn méjèèjì, tí a máa pè ní D, jẹ́ 50.1 tí a yọ 16.0 kúrò nínú rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 34.1. Àyè àṣìṣe rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ní kí a yọ 0.2 kúrò nínú 0.3 ti sọ pé iṣẹ́ òun péye ju òǹkà tó fi ṣe é lọ. Bí L1 bá ṣèèṣì kéré jù, tí L2 sì ṣèèṣì tóbi jù, àṣìṣe méjèèjì á jọ fẹ D ni, wọn kò ní yọ ara wọn. Ẹni tó bá sì ní kí a kàn ro wọ́n pọ̀ di 0.5 ti bẹ̀rù jù, nítorí kì í sábà ṣẹlẹ̀ pé kí méjèèjì ṣìnà dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì dojú kọ ibi tí yóò burú jù. Ọ̀nà àárín tí ìṣirò fọwọ́ sí ni kí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, kí a rò wọ́n pọ̀, kí a sì wá síkúẹ́ rúùtù àpapọ̀ wọn. 0.04 àti 0.09 jẹ́ 0.13, síkúẹ́ rúùtù rẹ̀ jẹ́ 0.36. Nítorí náà D jẹ́ 34.1, bó bá sì yẹ̀, ó lè fi nǹkan bíi 0.36 yẹ̀ sókè tàbí sódò.

Ó kan ìyára wàyí. Nítorí pé ìsọdipúpọ̀ ni a fi wá v, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa lò, kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà:

```
v = 2 × 512 × 0.341 = 349.2 m/s
(Δv/v)² = (Δf/f)² + (ΔD/D)²
```

0.36 nínú 34.1 jẹ́ ìdá 1.06 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún fọ́ọ̀kì, wọ́n gbà pé nọ́ḿbà ara rẹ̀ lè fi 1 Hz yẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdá 0.2. Bí a bá pa wọ́n pọ̀ lọ́nà kan náà, ìdá 1.08 ló jáde. Ẹ rí i pé fọ́ọ̀kì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan kún un. Nínú ìlọ́po ara, ẹni tó tóbi ló ń gbé gbogbo ẹrù, torí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń náwó lórí fọ́ọ̀kì tó túbọ̀ péye kàn ń fi owó ṣòfò. Etí tó ń wá góńgó ègbè ni kó tún ṣe. Ìdá 1.08 nínú 349.2 jẹ́ 3.8, nítorí náà èsì fọ́ọ̀kì yìí jẹ́ 349 ± 4 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ 349.184 sínú ìwé rẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn nọ́ḿbà yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan.

Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú fọ́ọ̀kì mẹ́rin mìíràn, wọ́n sì lo àyè àṣìṣe 0.2 àti 0.3 kan náà fún gbogbo wọn. Àtẹ èsì wọn nìyí:

| f (Hz) | L1 (cm) | L2 (cm) | D (cm) | v (m/s) | Àyè àṣìṣe v (m/s) | e (cm) |
|---|---|---|---|---|---|---|
| 512 | 16.0 | 50.1 | 34.1 | 349.2 | ±3.8 | 1.05 |
| 480 | 17.2 | 53.7 | 36.5 | 350.4 | ±3.5 | 1.05 |
| 426.7 | 19.4 | 60.5 | 41.1 | 350.7 | ±3.2 | 1.15 |
| 384 | 21.8 | 67.2 | 45.4 | 348.7 | ±2.9 | 0.90 |
| 341.3 | 24.5 | 76.0 | 51.5 | 351.5 | ±2.7 | 1.25 |

Àtẹ tó dára máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìṣirò kankan sí i. Àkọ́kọ́, àyè àṣìṣe ń dínkù bí ohùn fọ́ọ̀kì ṣe ń wálẹ̀. Ohùn tó rẹlẹ̀ ní ìgbì tó gùn, sẹ̀ǹtímítà 0.36 kan náà sì di ìdá kékeré nínú D tó tóbi. Ẹni tó ní fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo láti yàn yóò ṣe dáadáa bó bá mú èyí tó rẹlẹ̀ jù lọ tí túùbù rẹ̀ lè gbà. Ṣùgbọ́n ààlà wà: fọ́ọ̀kì 256 kò lè rí ègbè kejì nínú túùbù mítà kan, nítorí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 101 ni yóò nílò.

Ìkejì, iye v márùn-ún náà kò gòkè, kò sì wálẹ̀ létòlétò bí f ṣe ń yí padà. Wọ́n kàn ń yẹ̀ síbí yẹ̀ sọ́hùn-ún láìní àpẹẹrẹ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí nínú afẹ́fẹ́ lásán, ohùn tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ ń sáré bákan náà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀yìn pápá ayẹyẹ ì bá máa gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyá ìlù.

Iye àárín àwọn márààrún jẹ́ 350.1. Bí a bá gba àyè àṣìṣe inú àtẹ kọjá inú ìṣirò àárín, tí a sọ wọ́n di ìlọ́po ara, tí a rò wọ́n pọ̀, tí a wá síkúẹ́ rúùtù, tí a sì fi márùn-ún pín in, 1.5 ló máa jáde. Èsì wọn nìyẹn: 350.1 ± 1.5 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Olójú tó ń ríran á tún kíyè sí nǹkan kan. Iye márùn-ún náà kò fọ́n káàkiri tó bí àyè àṣìṣe wọn ṣe sọ. Ìfọ́nká wọn kò ju nǹkan bíi 1.1 lọ, nígbà tí àtẹ ń kéde mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìyẹn ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ọ̀làwọ́ fún àṣìṣe nígbà tí wọ́n mú ìdajì ìyàtọ̀ òǹkà, tí wọ́n sì tún sún un sókè. Ẹ̀ṣẹ̀ tó sàn ni. Èyí tó burú ni òdìkejì rẹ̀: bí iye v bá ń fọ́n káàkiri ju àyè àṣìṣe lọ, ó dájú pé ohun kan ń ṣe iṣẹ́ náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sí.

Òpó tó kẹ́yìn nínú àtẹ náà ni e, àfikún ẹnu túùbù. Láti inú ìlà méjì àkọ́kọ́ ìṣirò wa, ó máa ń jáde báyìí:

```
e = (L2 − 3L1)/2
Δe = ½√(ΔL2² + 9ΔL1²)
```

Ẹ wo bí nǹkan ṣe bàjẹ́ níbẹ̀. L1 ni a sọ di ìlọ́po mẹ́ta, àṣìṣe rẹ̀ náà sì di ìlọ́po mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀: 0.2 di 0.6. Bí a bá pa á pọ̀ mọ́ 0.3 ti L2 tí a sì pín in sí méjì, àyè àṣìṣe e jẹ́ 0.34 sẹ̀ǹtímítà. Fún fọ́ọ̀kì 512, èsì náà jẹ́ 1.05 ± 0.34, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni kò dájú! Òǹkà kan náà, rúlà kan náà, etí kan náà, ló fún wa ní v tó péye dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì fún wa ní e tó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ báyìí. Ohun tí a ń wá ló ń pinnu bóyá òǹkà kan tó tàbí kò tó.

Síbẹ̀, e wúlò. Ìmọ̀ ìró sọ pé fún túùbù tí ẹnu rẹ̀ wà gbangba, e jẹ́ nǹkan bíi 0.61 ìdajì fífẹ̀ ẹnu náà. Fún túùbù wọn, 0.61 × 1.7 jẹ́ 1.04, iye àárín e inú àtẹ sì jẹ́ 1.08. Ó bára mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti retí lọ. E tún jẹ́ olófòófó. Bí L2 bá kéré ju ìlọ́po mẹ́ta L1 lọ, tí e wá jáde ní òdì, nǹkan kan ti bàjẹ́: bóyá òdo rúlà kò bá ẹnu túùbù ṣe déédéé, bóyá ohùn tí wọ́n kà gẹ́gẹ́ bí ègbè kì í ṣe ti fọ́ọ̀kì náà rárá.

Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀. Fọ́ọ̀kì tí wọ́n lù mọ́ etí tábìlì máa ń mú ohùn tíńrín kan jáde pẹ̀lú ti ara rẹ̀, tó ga ju ti ara rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Túùbù á gbe ègbè fún ohùn tíńrín yẹn náà, ní ibi púpọ̀ tó sún mọ́ ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa kọ òǹkà tí kò bá ara wọn tan. Ìdí bàtà tàbí rọ́bà líle ló yẹ kí wọ́n lù ú mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ohùn tíńrín náà kú kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu túùbù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé kò tún ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ègbè kejì. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń lo fóònù tó ń mú ohùn iye ìgbọ̀n tí wọ́n bá fẹ́ jáde dípò fọ́ọ̀kì; ohùn rẹ̀ kì í kú, iṣẹ́ á sì rọrùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fóònù tó bo ẹnu túùbù yóò yí e padà. Bí wọn kò bá ti ṣí fóònù náà nípò láàárín L1 àti L2, ìyọkúrò á ṣì gbé e náà lọ.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá dúró de ègbè kejì? Ọ̀pọ̀ ló máa ń wọn L1 nìkan, tí wọ́n á sì lo v = 4fL1. Fún fọ́ọ̀kì 512, wọ́n á rí 327.7, àyè àṣìṣe rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi 4. Fún fọ́ọ̀kì 341.3, wọ́n á rí 334.5. Inú akẹ́kọ̀ọ́ náà á dùn gan-an, nítorí àárín méjèèjì ni 330 inú ìwé ìdánwò wà! Àmọ́ irọ́ ni. Èsì fọ́ọ̀kì 512 fi ìlọ́po márùn-ún àyè àṣìṣe rẹ̀ jìnnà sí iye tí ìyókù iṣẹ́ náà fi hàn. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ̀n ọ́n nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní sàn, torí pé gbogbo òǹkà ló ń fi sẹ̀ǹtímítà kan tí kò kà bọ́ sí apá kan náà. Ohun tí yóò tú u fó ni pé iye v ń gòkè bí fọ́ọ̀kì ṣe ń rẹlẹ̀: sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ ìdá ńlá nínú 16, kò tó bẹ́ẹ̀ nínú 24.5. Àṣìṣe tó ní ìtọ́sọ́nà báyìí kì í gbọ́ ti ìpíndọ́gba.

Ẹni tó mọ iye tó yẹ kí òun rí ṣáájú wà nínú ewu mìíràn. Isaac Newton fúnra rẹ̀ kó sínú rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ *Principia*, tó kọ́kọ́ jáde ní 1687, ó ṣe ìṣirò ìyára ìró láti inú agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ àti ìwúwo rẹ̀. Iye tó rí kéré jù. Nínú àtẹ̀jáde kejì, ní 1713, ìṣirò náà dúró sí 979 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá, bẹ́ẹ̀ William Derham ti fi ìbọn àti aago wọ̀n ọ́n ní 1142. Newton wá fi ìwọ̀n ara èérún afẹ́fẹ́ àti oruku omi inú rẹ̀ kún un, ó tún un ṣe títí ìṣirò rẹ̀ fi bọ́ sórí 1142 géérégé. Kò sí ẹ̀rí kankan fún àwọn àfikún náà. Pierre-Simon Laplace ló wá sọ ìdí rẹ̀ gan-an ní 1816: afẹ́fẹ́ tí ìró fún pọ̀ máa ń gbóná lójú ẹsẹ̀ kí ooru náà tó ráyè sá lọ, ooru yẹn sì ń mú kó ta padà kíákíá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣí L2 díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kí èsì lè bọ́ sórí iye inú ìwé wà nínú ẹgbẹ́ ńlá, àmọ́ máàkì kò yẹ ẹ́.

Ó wá ku kí a fi èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì náà wé iye tí ayé mọ̀. Fún afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ìyára ìró ń bá ìgbóná lọ báyìí, tí T jẹ́ ìgbóná ní °C:

```
v = 331.3 × √(1 + T/273.15)
```

Ní 29°C, 348.4 ló jáde. Tẹmọ́mítà tó bá fi 1°C ṣìnà yóò yí i padà ní nǹkan bíi 0.6. Èsì wọn, 350.1 ± 1.5, fi 1.7 ju 348.4 lọ, ìyẹn ni pé ó kọjá àyè àṣìṣe kan díẹ̀. Kò tíì burú. Nínú ìwọ̀n mẹ́ta tí a bá ṣe, ọ̀kan máa ń jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú túùbù yẹn kò gbẹ. Orí omi ló dúró sí, ọ̀rinrin sì ti kún inú rẹ̀. Èérún omi fúyẹ́ ju ti afẹ́fẹ́ yòókù lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó rin máa ń fúyẹ́ ju èyí tó gbẹ lọ, ìró sì ń yára nínú rẹ̀. Ní 29°C, afẹ́fẹ́ tó ti gba gbogbo ọ̀rinrin tó lè gbà yóò fi nǹkan bíi mítà 2.2 kún ìyára náà, iye tí wọ́n sì retí á di 350.6. Èsì wọn fi 0.5 péré jìnnà sí ìyẹn.

Ó wuni kí a sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti fi túùbù ilé ẹ̀kọ́ rí ipa ọ̀rinrin nínú ìró. Àyè àṣìṣe wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá jẹ́ 2.2, àyè àṣìṣe wọn sì jẹ́ 1.5, èsì wọn lè gba afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti èyí tó rin mọ́ra láìbá èyíkéyìí jà. Ohun tí iṣẹ́ wọn lè pinnu, tó sì ti pinnu láìsí àríyànjiyàn, ni pé 330 kò bá yàrá wọn mu, nítorí ó fi ìlọ́po mẹ́tàlá àyè àṣìṣe wọn jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ní láti dín àyè àṣìṣe náà kù sí nǹkan bíi 0.5: kó fi máíkì kékeré rọ́pò etí kó lè rí góńgó ègbè, kó wá túùbù tó gùn ju mítà kan lọ, kó sì wọn ìgbóná afẹ́fẹ́ inú túùbù fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti yàrá.